Mùdùnmúdùn Kún, Ẹ̀jẹ̀ Kò Tó: Ìdáhùn fún Ọmọ Bàbá Kan ní Ìgbógbó

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 74, Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni wọ́n ń gbé. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń tún ṣe ní Ẹ̀bútè kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí PCV wọn kò gòkè. A tọ́jú ibà, a tọ́jú jẹ̀funjẹ̀fun, wọ́n mu oògùn ẹ̀jẹ̀ títí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ páìntì mẹ́rin. Wọ́n wá gún eegun ìdí wọn, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ, pé ó jọ MDS, pé irú jẹjẹrẹ kan ni. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń mu ẹ̀jẹ̀ bàbá. Ṣé jẹjẹrẹ ni lóòótọ́? Àbí pẹtiróòlù tí wọ́n máa ń fi ẹnu fà nígbà náà ló fà á? Kí ni ká ṣe? Mo fi fọ́tò èsì àyẹ̀wò àti oògùn wọn ránṣẹ́."

Mo ka gbogbo èsì tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì tún padà kà á lẹ́ẹ̀kejì. PCV bàbá, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú 100 ẹ̀jẹ̀ wọn, jẹ́ 22 kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Sẹ́ẹ̀lì funfun wọn lápapọ̀ jẹ́ 2.9, èyí tí wọ́n ń pè ní niutirófìlì nínú rẹ̀ sì jẹ́ 1.1. Pulétílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí ara bá ya, jẹ́ 84, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kó dín ní 150. Ìlà kan wà tí ojú ènìyàn máa ń fò lórí èsì, MCV ni, ìwọ̀n títóbi sẹ́ẹ̀lì pupa. 112 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ní ti mùdùnmúdùn inú eegun, ẹni tó wò ó kọ ọ́ pé ó kún dáadáa, pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rí ségesège, pé ọmọ sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó jẹ́ 3 nínú 100. Àmọ́ ohun kan wà tí mo wá títí tí mi ò rí: kò sí ẹni tó wọn fítámìnì B12. Nígbà tí mo sì dé orí fọ́tò oògùn, mo rí mẹtifọ́mìn, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bàbá ti ń lò ó láti ọdún 9. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ látorí jẹjẹrẹ. Mi ò sọ pé dókítà tó rí bàbá ṣìnà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ tó wúwo báyẹn kan ẹnikẹ́ni kí a tó parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí MDS jẹ́. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni máyẹ́lòdísípílásíìkì síńdíróòmù, gbogbo ohun tí orúkọ gígùn náà sì ń sọ kò ju pé mùdùnmúdùn eegun ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tó lábùkù. Inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ ronú sí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì Ṣágámù níbẹ̀. Bí irin tí wọ́n fi ń mọ ọ́n bá ti wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ á máa ṣiṣẹ́, iyanrìn á kún ilẹ̀, sìmẹ́ńtì á wà, búlọ́ọ̀kù á sì tò lọ bẹẹrẹ nínú ọgbà, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti sán kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá wo inú ọgbà á ní iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó ń dúró de búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé á ní òun kò rí nǹkan kan. Bí MDS ṣe rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kan nínú eegun ti ní àṣìṣe, gbogbo ọmọ tó ń bí ló ń jogún àṣìṣe náà, púpọ̀ nínú wọn sì ń kú sínú eegun kí wọ́n tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ àìsàn àwọn tó ti lé ní 65, nítorí pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń kó jọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè sọ fún yín lọ́jọ́ kan náà pé mùdùnmúdùn bàbá kún, pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì tó, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì sì jẹ́ òótọ́.

Ibí yìí náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ti kùnà. Irin ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tà, ìwúlò irin sì ni fún ẹni tí irin kò tó nínú ara rẹ̀. Nígbà tí irin bá dín, sẹ́ẹ̀lì pupa á kéré. MCV á bọ́ sísàlẹ̀ 80. Ti bàbá jẹ́ 112. Ohun tó bá ti kọjá 100, sẹ́ẹ̀lì ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kì í sì í ṣe àìtó irin ni. Ó dùn mí pé oṣù mẹ́jọ ni ẹ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà kan tó wà lórí ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ti sọ pé kì í ṣe ọ̀nà ibẹ̀ ni. Ẹ dá irin náà dúró báyìí, àfi bí àyẹ̀wò fẹ́rítìn bá fi hàn pé irin wọn lọọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà pàápàá ti kó irin wọlé sí wọn lára.

Kí ló ń mú sẹ́ẹ̀lì tóbi báyẹn? MDS wà níbẹ̀. Ọtí líle tí ènìyàn ń mu lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀ náà, àti àwọn oògùn kan, bíi èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú kòkòrò HIV tàbí mẹtotirẹ́sétì tí wọ́n ń lò fún oríkèé ríro. Ṣùgbọ́n èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ni àìtó fítámìnì B12, nítorí pé òun ló jọ MDS jù lọ, òun nìkan náà sì ni abẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú lè lé lọ pátápátá. Láìsí B12, sẹ́ẹ̀lì inú eegun kò lè pín dáadáa. Á tóbi, á wúwo, á rí ségesège, á sì kú sínú eegun. Sẹ́ẹ̀lì pupa á dín, funfun á dín, pulétílẹ́ẹ̀tì á dín, mùdùnmúdùn á sì kún. Ẹ wò ó bó ṣe bá ohun tí mo kọ sókè mu. Mẹtifọ́mìn tí ènìyàn ti lò fún ọdún púpọ̀ máa ń dí ìfun lọ́wọ́ láti gba B12 láti inú oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ọgbẹ́ inú bíi omẹpirásóòlù tí wọ́n bá ń mu ún láìdáwọ́ dúró. Ẹ má sọ pé bàbá ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà lẹ ń gbé. Òótọ́ ni pé B12 wà nínú ẹja, nínú ẹran àti ẹyin, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu jẹ tí ìfun kò gbà, ara kò rí i lò.

Ọ̀nà kan wà tí ojú fi lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ lè bi wọ́n léèrè ní láàbù. Bí a bá tẹ́ ẹ̀jẹ̀ pẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, tí a kùn ún, tí a gbé e sábẹ́ awò, niutirófìlì tó péye máa ń ní ìdì nínú, ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí okùn tín-ín-rín so wọ́n pọ̀. Nínú àìtó B12, ìdì náà á pọ̀ jù: ẹ á rí mẹ́fà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, nígbà mìíràn méje, bí ìgbà tí ènìyàn já ẹ̀pà mélòó kan sínú àwo kékeré. Nínú MDS, ó sábà máa ń rí lódìkejì: ìdì méjì péré, roboto-roboto, tí okùn kan so pọ̀ láàárín, ó rí gẹ́lẹ́ bíi awò ojú tí arúgbó gbé sórí tábìlì. Omi tó yí i ká náà á ṣí, nítorí pé àwọn ẹ̀ún kékeré tó yẹ kó kún inú rẹ̀ kò sí. Mo ti jókòó ti awò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá sì rí "awò ojú" yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Àmọ́ ojú nìkan kò tó láti dá ẹjọ́. Ẹni tó wo ti bàbá kò kọ èyí tó rí nínú méjèèjì. "Kò rí bó ṣe yẹ" nìkan ló kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan fún yín. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gbé wọn wá bá mi, ọmọ ọdún 68 ni wọ́n. Wọ́n ti gún eegun wọn níbòmíràn, wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ pé MDS ni, àwọn ọmọ sì ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ kan kí wọ́n lè rówó oògùn. PCV wọn jẹ́ 19, MCV 118, pulétílẹ́ẹ̀tì 70. Ohun tó mú mi dúró kò sí lórí ìwé. Bí wọ́n ṣe wọlé ni mo ń wo ìrìn wọn: wọ́n ń fi ojú wá ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ó ti lé lọ́dún kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ti ń ṣe bí ẹni tó ń rìn lórí fóòmù, pé àwọn rò pé ọjọ́ orí ni. Mo ní kí wọ́n yọ ahọ́n. Ó ń dán, ó pupa, kò sí ìdì wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ mọ́. Àwa fa ẹ̀jẹ̀ fún B12, ó lọọlẹ̀ gan-an. Inú wọn ni kò gba fítámìnì náà mọ́ láti inú oúnjẹ. A bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ PCV wọn jẹ́ 36, pulétílẹ́ẹ̀tì 210. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kò padà sípò tán, nítorí pé ó ti pẹ́ kí a tó mọ̀, èyí sì ṣì ń dùn mí títí di òní. Ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn ń kú, ẹ wo ìrìn wọn nínú òkùnkùn, ẹ wo ahọ́n wọn. Àmọ́ bí kò bá tiẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wọn B12. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò náà kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní abẹ́rẹ́ fítámìnì kankan, torí pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nọ́ńbà náà kò ní í wúlò mọ́. Bó bá wà lábẹ́ 200 nínú ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ ní pg/mL, ó dín. Bó bá wà láàárín 200 sí 300, kò dájú, èmi á sì tọ́jú rẹ̀ bí èyí tó dín fún ẹni tó ń lo mẹtifọ́mìn. Ẹ ní kí wọ́n bá a ṣe fólétì, fẹ́rítìn, iṣẹ́ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀, ẹṣẹ́ inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ọ̀dù, àti HIV. Ẹ má bínú sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. A máa ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn láìwo ọjọ́ orí, nítorí pé kòkòrò náà lè ba ìrísí mùdùnmúdùn jẹ́ lọ́nà tó jọ èyí. Ẹ tún bi bàbá tọkàntọkàn nípa ọtí àti nípa fítámìnì tí wọ́n ń rà fúnra wọn. Síńkì tí ènìyàn bá mu fún ọ̀pọ̀ oṣù máa ń lé èròjà bàbà tí òyìnbó ń pè ní kọ́pà jáde lára, àìtó kọ́pà sì máa ń fara wé MDS débi tó fi lè tan ẹni tó mọ̀ jẹ.

Bí B12 bá dín, abẹ́rẹ́ háídírọ́síkóbálámìn mílígíráàmù 1 sínú ẹran ara ni a máa ń lò, lọ́jọ́ kan yẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù 2 tàbí 3. Nítorí pulétílẹ́ẹ̀tì wọn, kí ẹni tó gún un fi òwú tẹ ojú ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wọn ní fólíìkì ásíìdì nìkan ná, nítorí pé ó lè gbé PCV sókè díẹ̀ nígbà tí iṣan ara ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun, tí láàbù ń pè ní rẹtikulosáìtì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín ọjọ́ 3 sí 4, á sì pọ̀ jù ní bí ọjọ́ 7. Lẹ́yìn náà, PCV á máa fi bíi 3 gòkè lọ́sẹ̀. Pulétílẹ́ẹ̀tì àti sẹ́ẹ̀lì funfun kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá padà sípò nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 8, kì í ṣe MDS. Ohun tó lè da ìwọ̀n yìí rú ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí wọn láàárín ìgbà náà: ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn á gbé PCV sókè, ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú abẹ́rẹ́ àti páìntì. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí pulétílẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ẹlẹ́rìí yín.

Ó sì lè jẹ́ pé B12 dín, tí MDS sì tún wà níbẹ̀. Mo ti rí i. Bàbá kan, ọmọ ọdún 71, B12 tiwọn dín lóòótọ́, a gún wọn ní abẹ́rẹ́ fún oṣù 3, MCV wọn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, PCV fi 2 péré gòkè, pulétílẹ́ẹ̀tì kò mira. "Awò ojú" ṣì ń tò lórí gíláàsì. A tún eegun gún, MDS ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bí B12 bàbá bá dín, ẹ má gbára lé mùdùnmúdùn tí wọ́n ti kà yẹn mọ́. Wọ́n kà á nígbà tí ara ṣaláìní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 2 sí 3 bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì padà. Bí B12 bá sì péye, tí gbogbo èyí tó kù sì mọ́, a jẹ́ pé MDS ló ṣeé ṣe jù, kí a sì kojú rẹ̀.

Nọ́ńbà kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín jù: niutirófìlì 1.1. Ìwé láàbù á ní ó dín. Ṣùgbọ́n láàárín àwa ènìyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa la bí pẹ̀lú niutirófìlì tó kéré sí ti àwọn òyìnbó tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n orí ìwé náà. Àmì kan tó ń jẹ́ Dọ́fì ni kò sí lórí sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Ó jẹ́ ara ohun tó dá wa sí lọ́wọ́ irú ibà kan, kò sì ń fa àìsàn kankan. Ó ṣeé ṣe kí bàbá ti ní 1.2 tàbí 1.4 láti ìgbà èwe wọn. Ẹ tú inú àpò ìwé ilé. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ rí, tàbí tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ìtọ̀ ṣúgà lọ́dún 5 sẹ́yìn, ìwé àtijọ́ yẹn ju wúrà lọ lọ́wọ́ mi. Bí MCV bá ti jẹ́ 101 nígbà náà, tó di 106, tó wá di 112, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Wàyí o, bó bá jẹ́ MDS, ṣé jẹjẹrẹ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, àjọ ìlera àgbáyé kà á mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Mi ò ní fi èyí pa mọ́ fún yín. Àmọ́ àwọn tó ní in kò rìn lójú ọ̀nà kan náà. Nínú mẹ́ta, bí ẹnì kan ni tiwọn máa ń di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó le koko. Ti àwọn tó kù kì í dé bẹ́ẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀, kòkòrò àrùn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídà ni wọ́n ń bá yí. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ kó ìtàn aláìsàn 7,012 jọ, wọ́n fi ṣe ìwọ̀n kan tí à ń lò títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a fi ti bàbá sórí rẹ̀. Hẹmoglóbìn wọn, èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa, tó jẹ́ bíi 7.3 bí a bá fi 3 pín PCV 22, fún wọn ní 1.5. Pulétílẹ́ẹ̀tì 84 fún wọn ní 0.5. Ọmọ sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó, 3 nínú 100, fún wọn ní 1. Niutirófìlì kò fún wọn ní nǹkan kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3. Èyí tó kù ni kurómósómù, okùn àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń yẹ̀ wò láti inú mùdùnmúdùn, tí wọn kò sì ṣe fún bàbá. Irú àyípadà rẹ̀ kan wà tí kò fi nǹkan kan kún un, bàbá á sì dúró ní 3, wọ́n á wà láàárín àwọn tí ewu wọn kéré. Bó bá mọ́ láìsí àyípadà, á fi 1 kún un, wọ́n á bọ́ sáàárín. Bó bá bàjẹ́ gan-an, á fi 4 kún un, á di 7, ewu ńlá nìyẹn. Nínú àwọn 7,012 yẹn, láìsí ìtọ́jú tó ń yí àìsàn padà, ìdajì àwọn tí ewu wọn kéré ló lò ju ọdún 5.3 lọ, ti ìdajì àwọn tí ewu wọn ga jù lọ kò sì ju ọdún 0.8. Ẹni tó bá sọ iye ọdún fún yín láìtíì rí kurómósómù bàbá, àbá ló dá. Kódà bí a bá rí i, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn la mọ̀, a kò mọ ti ẹnì kan, púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n náà kì í sì í ṣe ará ilẹ̀ wa.

Ẹ béèrè nípa pẹtiróòlù. Pẹtiróòlù ní bẹ́ńsíìnì nínú, a sì mọ̀ dájú pé bẹ́ńsíìnì tí ènìyàn ń fà símú tàbí tó ń gba awọ ara wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú eegun jẹ́. Ẹni tó fi ẹnu fa pẹtiróòlù láti inú kẹ́ẹ̀gì, tó sì ń fi í fọ gírísì lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ti fara kó o. Mi ò lè sọ pé òun ló fà á fún bàbá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fọwọ́ kan pẹtiróòlù rí ló ní MDS, ẹlòmíràn sì ti wà nínú pẹtiróòlù dàgbà tí kò ní in. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá bá ṣì wà ní Ẹ̀bútè, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa lo ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọwọ́. Ní ti ayé tí àwọn ẹbí ń dárúkọ, mo mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí ènìyàn ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé a rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ: inú eegun ló ń kú sí, a sì lè fi han ẹnikẹ́ni lórí gíláàsì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tìtorí èyí fura sí ìyàwó tàbí ìbátan kankan. Kì í ranni, ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ti ìdílé.

Ní ti ìtọ́jú, bó bá jẹ́ èyí tí ewu rẹ̀ kéré tàbí tó wà láàárín, ẹ̀jẹ̀ gbígbà ni òpó. Ẹ má fi PCV nìkan ṣe àmì. Ẹ wò ó bóyá bàbá lè rìn dé mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì láìmí gúlegúle, bóyá àyà ń dùn wọ́n. Páìntì kan ni kí wọ́n fún wọn lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kó má ju wákàtí 4 lọ, nítorí pé ọkàn arúgbó kì í fẹ́ kí omi ya lù ú. Páìntì kọ̀ọ̀kan ń kó irin bíi mílígíráàmù 200 sí 250 wọlé, ara kò sì ní ọ̀nà láti lé e jáde ju 1 sí 2 lọ lóòjọ́. Bó bá ti ń sún mọ́ páìntì 20, tí fẹ́rítìn sì kọjá 1,000, a máa ń ronú oògùn tó ń fọ irin jáde, dẹfẹrásírọ́ọ̀sì, bí kíndìnrín bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Abẹ́rẹ́ ẹritiropóyẹ́tìn, tó ń ta mùdùnmúdùn jí, ṣeé gbìyànjú bí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá fúnra wọn bá wà lábẹ́ 500, tí wọn kò sì tíì máa gba ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ọ; ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, bí kò bá sí àyípadà, ẹ dá owó yín dúró.

Bó bá jẹ́ ewu ńlá, asasítídíìnì ni oògùn tí a mọ̀ jù: ọjọ́ 7 abẹ́rẹ́ nínú ọjọ́ 28, kí a sì tún un ṣe. Ó máa ń kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó gbé e sókè, ó sì tó ìgbà 4 sí 6 kí a tó lè sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó wọ́n. Ó ń dẹ́kun àìsàn náà fún ìgbà kan, kì í wò ó sàn. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn láti ara ẹlòmíràn nìkan ló lè mú un kúrò, àmọ́ fún ẹni ọdún 74 tó tún ní ìtọ̀ ṣúgà, ewu rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ lójú mi, mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ta ilé nítorí rẹ̀. Ó tọ́ kí bàbá fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Mo ti rí arúgbó tó yàn láti máa gba ẹ̀jẹ̀ nìkan, kí òun máa jókòó sí ilé òun láàárín àwọn ọmọ-ọmọ, ìpinnu náà sì mọ́gbọ́n wá.

Ní báyìí tí ẹ ṣì ń wádìí, bí ara bàbá bá gbóná dé 38, ẹ má ra oògùn ibà kí ẹ máa wò ó. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fún wọn ní oògùn ìrora bíi aibupurófẹ̀ẹ̀nì, ẹ sì dá àgbo dúró kí a lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má dá mẹtifọ́mìn dúró fúnra yín o. Bí B12 bá dín, abẹ́rẹ́ á borí rẹ̀ láìjẹ́ pé ṣúgà wọn fò sókè. Ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ẹ̀ka àìsàn ẹ̀jẹ̀ ní LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Ẹ má gbé ìwé èsì nìkan lọ. Ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti gún eegun, kí ẹ gba gíláàsì mùdùnmúdùn àti ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kùn, àti eegun kékeré tí wọ́n fi sínú àbẹ́là, ẹ fi bébà wé wọn kí wọ́n má fọ́. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn tí bàbá ń lò dání, títí kan èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gún eegun, ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n á fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún kurómósómù, nítorí pé ó ní ìgò tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti pèsè kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ẹ̀yìn ìbàdí ni wọ́n ti ń gún un, kì í ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n á sì kọ́kọ́ pa ojú ibẹ̀ kú. Ẹ sọ èyí fún bàbá kí ẹ tó kúrò ní Ìgbógbó.